Bó o ṣe lè béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ oníbàárà láì gbé ẹrù lé e lórí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹun, ẹ sún mọ́bí. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀ o, àmọ́ ó kan ẹni tó ń ya fídíò, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń ṣe mẹ́káàpù, ẹni tó ń se oúnjẹ òde, àti ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì.

Oníbàárà rẹ ti sanwó. Inú ẹ̀ dùn. Ó pè ẹ́, ó gbàdúrà fún ẹ títí. Ìwọ náà wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ nǹkan kékeré nípa iṣẹ́ mi, kí n lè gbé e sójú ìwé mi." Ó ní, "Kò burú, màá kọ ọ́." Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ò ń rí i lórí sítátọ́ọ̀sì tó ń pín fídíò ẹlẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rí tìẹ ò dé.

Kò ṣahun sí ẹ. Kò sì purọ́ nígbà tó ní inú òun dùn. Ohun tó o gbé fún un ló wúwo ju bó o ṣe rò lọ.

Wò ó báyìí: "nǹkan kékeré" yẹn, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó? Èdè wo ni kó fi kọ ọ́? Ṣé kó yìn ẹ́ ni, àbí kó sọ ohun tó o ṣe? Ta ló máa kà á? Ṣé orúkọ ẹ̀ máa wà níbẹ̀? Gbogbo ìbéèrè yìí lo dì sínú gbólóhùn kan, tó o wá ní kó tú u fúnra ẹ̀, lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀bù, láàárín oníbàárà méjì. Òun náà á ní, "Tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀." Ọwọ́ ẹni tó ń tajà kì í dilẹ̀.

Tó bá wá ṣorí ire tó kọ ọ́, wo ohun tó sábà máa ń jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe mẹ́káàpù béèrè lọ́wọ́ ìyàwó tuntun kan, èsì tó gbà rèé: "Ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́ gan-an, kí Ọlọ́run máa bù kún ọwọ́ ẹ̀." A ṣe àmín. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀rẹ́ mi rí, tó ń wá ẹni tó máa kun ojú òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ló máa rí mú nínú àdúrà yẹn? Kò mọ̀ bóyá ó tètè dé. Kò mọ̀ bóyá mẹ́káàpù ọ̀hún ò ṣàn dànù nínú òógùn. Àdúrà gidi ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ tí àjèjì máa kà, tó máa fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tó dà bíi tiẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mò ń wá. Ọ̀nà tí mò ń gbà wá a ni mo fẹ́ sọ, màá sì fi oníbàárà kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya fídíò kéékèèké fún àwọn tó ń tajà, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Fídíò 12 ni mo ṣe fún wọn. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ iye owó, ọ̀pá tí aṣọ náà jẹ́, bóyá ẹlẹ́kọ ni tàbí oníko, àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ kó má bàa tètè ṣá.

Lásìkò yẹn náà ni àǹtí kan n'Ìbàdàn tó ń ta báàgì àti bàtà ń bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Àǹtí yìí ò mọ̀ mí rí. Wọ́n ní fídíò mi dára lójú, àmọ́ fídíò tó dára lójú kì í ṣe nǹkan tó ń tajà. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ ẹni tí mo ti ṣiṣẹ́ fún hàn wọ́n, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Àìkú la wà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ṣeré lásìkò tí onílé ti ń kí èèyàn lákìíjù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìgbà tó yẹ kó o béèrè. Má béèrè lọ́jọ́ tó o fi ìwé owó ránṣẹ́, torí ńṣe ló máa dà bíi pé o fi ọ̀kan so mọ́ èkejì. Má sì dúró títí oṣù mẹ́ta á fi kọjá, torí ó ti gbàgbé bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó dára jù ni ìgbà tí oníbàárà fúnra ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun kan pàtó tó yí padà. Mo ní ohun kan pàtó o. "O ṣeun, iṣẹ́ yẹn dára" ò tíì tó. Ìgbà tó o bá gbọ́ orúkọ ìlú, iye, ọjọ́, tàbí "lánàá ẹnì kan báyìí báyìí," àsìkò ti tó nìyẹn.

Ní ti Màmá Aládìrẹ, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pè mí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin kan pe àwọn láti Àkúrẹ́, kò béèrè èló ni, kò béèrè ọ̀pá mélòó, àwọ̀ tó fẹ́ nìkan ló sọ, ó sì fi owó ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fóònù mi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo fi èyí ránṣẹ́ sí wọn lórí Wáàsáàpù:

"Ẹ kú ìsinmi mà. Ọ̀rọ̀ obìnrin Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ sọ lánàá ṣì ń dùn mọ́ mi nínú. Ẹnì kan tó ń tajà n'Ìbàdàn fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi, ó sì fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹni tí mo ti ṣiṣẹ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè fi fọ́ìsì nóòtì dá mi lóhùn lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí? Ìṣẹ́jú kan ti tó, Yorùbá náà sì dára.
1. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù nípa títa ọjà lórí fóònù?
2. Kí lẹ rí tó ti yí padà, bó ti wù kó kéré mọ?
3. Tí ẹlòmíì tó ń tajà bá bi yín nípa mi, irú ẹni wo lẹ máa ní kó pè mí?
Màá kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi, màá sì fi hàn yín kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Tó bá lè tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́rú, inú mi á dùn. Tí kò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn mà, kò sí wàhálà rárá."

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ obìnrin Àkúrẹ́ ló wà níwájú, torí pé mo fẹ́ kí wọ́n rántí pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí ná. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì ò ní wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ẹni tó máa gbọ́ ọ, torí èèyàn máa ń mọ ohun tó máa sọ tó bá ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹnì kan tó ń tajà n'Ìbàdàn" ní ojú. "Àwọn èèyàn orí ayélujára" ò ní ojú kankan.

Fọ́ìsì nóòtì ni mo béèrè torí pé ẹni tó lè fi ẹnu ta aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ lè má fẹ́ràn kó máa tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tí oníbàárà tìẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í fẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í gbọ́ ohùn ẹ̀, yí i padà: ní kó kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá rọrùn fún òun ni kó o lò. Iṣẹ́ kíkọ ọ́ jáde, tìẹ ni.

Ìbéèrè kìíní ni ọba gbogbo wọn. Tó o bá béèrè pé "ṣé iṣẹ́ mi dára?" bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lo máa gbà, ọ̀wọ̀ ò sì ní jẹ́ kó sọ rárá. Ṣùgbọ́n tó o bá béèrè ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ìtàn lo máa gbà, torí kò sẹ́ni tí kì í mọ ìtàn wàhálà ara ẹ̀ sọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni àjèjì tó ń kà á ti máa rí ara ẹ̀.

Nínú ìbéèrè kejì, "bó ti wù kó kéré mọ" yẹn ṣe pàtàkì. Tó o bá yọ ọ́, ńṣe ni oníbàárà á rò pé ohun ńlá lò ń wá, á wá máa bù mọ́ ọn, tàbí kó dákẹ́ torí pé kò rí ohun ńlá sọ. Ìbéèrè kẹta ló ń jẹ́ kó sọ ẹni tí iṣẹ́ ẹ bá mu, láìjẹ́ pé o ní kó polówó ẹ.

Mẹ́ta ti tó. Tó o bá fi mẹ́jọ ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù lo fi ránṣẹ́ yẹn, ó sì máa lọ bá àwọn fọ́ọ̀mù yòókù tí kò tíì kún.

Alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni èsì dé. Fọ́ìsì nóòtì tó lé ní ìṣẹ́jú kan díẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ rèé:

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o rí i, mo kọ́kọ́ rò pé owó mi fẹ́ ṣòfò ni, torí mo ní kí ni fídíò fẹ́ ṣe fún aṣọ. Ẹ dákẹ́ ariwo níbẹ̀ yẹn ná! Ẹn-ẹn, ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni 'èló ni, èló ni' yẹn. Láti àárọ̀ títí di alẹ́. Tí n bá dáhùn tán, wọn ò ní rà. Ṣùgbọ́n báyìí, ẹni tó bá pè mí ti mọ iye ẹ̀, ó ti mọ ọ̀pá tó jẹ́. Bíi ti ará Àkúrẹ́ yẹn. Wọ́n ṣì ń béèrè o, àmọ́ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà, tí kò ráyè máa dáhùn ìbéèrè kan náà ní gbogbo ọjọ́, kó pè ẹ́. Olúwa á gbé ẹ ga, wà á rí bá ti ṣe."

Mo ṣe àmín ná. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó kọ ọ́ jáde. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé mo lè gé, mi ò lè fi kún un. Ohun tó kù rèé:

"Mo kọ́kọ́ rò pé owó mi fẹ́ ṣòfò ni, torí mo ní kí ni fídíò fẹ́ ṣe fún aṣọ. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni 'èló ni, èló ni.' Láti àárọ̀ títí di alẹ́. Tí n bá dáhùn tán, wọn ò ní rà. Ṣùgbọ́n báyìí, ẹni tó bá pè mí ti mọ iye ẹ̀, ó ti mọ ọ̀pá tó jẹ́. Wọ́n ṣì ń béèrè o, àmọ́ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà, tí kò ráyè máa dáhùn ìbéèrè kan náà ní gbogbo ọjọ́, kó pè é."

"Kó pè ẹ́" tó di "kó pè é" nìkan ni mo yí padà, torí èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wo ohun méjì tí ẹlòmíì ì bá gé dànù. Àkọ́kọ́ ni "mo kọ́kọ́ rò pé owó mi fẹ́ ṣòfò ni." Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò dáa, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á gan-an nìyẹn. Ìkejì ni "wọ́n ṣì ń béèrè o." Tí mo bá yọ ọ́, ẹ̀rí á dà bíi pé fídíò mi lé gbogbo ìbéèrè lọ pátápátá. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o bá gé ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ èyí tó kù wá yí, o ti ń purọ́ nìyẹn, bí kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tìẹ kankan níbẹ̀.

Ó ku àṣẹ. Mo fi ohun tí mo kọ ránṣẹ́ padà sí wọn, mo ní: "Ẹ bá mi wò ó mà, ṣé bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí? Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tẹ́ ò fẹ́, màá yọ ọ́. Ní ti orúkọ, ẹ kàn tẹ nọ́ńbà kan: 1, kí n fi orúkọ yín àti ṣọ́ọ̀bù sí i, 2, kí n kàn kọ 'ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú', 3, kí n fi han ẹni Ìbàdàn nìkan, kí n má gbé e síta."

Wọ́n tẹ 2. Wọ́n tún pè mí láti ṣàlàyé: àwọn kan nínú ẹbí ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ọjà ń yá o, torí owó orí ìyáwó tí wọ́n máa wá béèrè. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ẹ ronú sí i: ká ní mo kàn gbé orúkọ wọn síta, wàhálà tí mi ò mọ ìdí ẹ̀ ni mo gbé lọ sílé wọn yẹn. Òfin náà sì wà níbẹ̀. Orúkọ èèyàn àti fọ́tò ẹ̀ wà lára ohun tí òfin ààbò détà Nàìjíríà ọdún 2023 ń dáàbò bò, ẹni tó bá sì fún ẹ láyè lónìí lè gba àyè náà padà lọ́la. Tó bá ní kó o yọ ọ́, yọ ọ́. Ohun kan náà ló kan ọ̀rọ̀ ìyìn tí oníbàárà ti kọ sí ẹ tẹ́lẹ̀ lórí Wáàsáàpù. Ìwọ ló kọ ọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ayé. Béèrè kó o tó ya sikirinṣọ́ọ̀tì ẹ̀ síta.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdè ni mo fi ránṣẹ́ s'Ìbàdàn. Àǹtí yẹn ò dá mi lóhùn lórí bí fídíò ṣe rí rárá. "Èló ni, èló ni" ni wọ́n mú. Wọ́n ní, "Èmi náà ni ìyá yìí ń sọ." A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé, tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Dúró ọjọ́ mẹ́rin, kó o wá rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ìránnilétí yẹn sì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o mú: "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀, ohun tó ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀ yẹn nìkan ti tó mi." Tó bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣọ́ ọ dáadáa. Tí kò bá dáhùn ohunkóhun tó o kọ, ọjà lè ti gbé e lọ. Àmọ́ tó bá ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, tó ń fo èyí nìkan, ó ti dá ẹ lóhùn nìyẹn. Fi í sílẹ̀, kí àárín yín má bàa bàjẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan náà á ní, "Kọ ohun tó o bá fẹ́, màá fọwọ́ sí i." Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ má jókòó máa hun ìyìn fún ara ẹ. Dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun sà, ẹ jẹ́ kí n lo ohun tẹ́ ẹ ti sọ." Padà sínú àwọn mẹ́séèjì tó ti kọ sí ẹ, mú gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tó sọ ohun kan pàtó, kó o tò wọ́n, kó o fi ránṣẹ́ fún àṣẹ. Ohùn ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kà á, á sì gbà pé òun ló sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹ̀dínwó, má ṣe sọ pé "kọ ẹ̀rí fún mi, màá yọ owó díẹ̀ fún ẹ." Ẹni tí wọ́n sanwó fún kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti ní iye. Tó o bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè jẹ́rìí, kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rí náà gbangba pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń kà á máa mọrírì ẹ̀ ju kí wọ́n fúnra wọn hú u jáde lọ.

Ó tán o. Ẹ da ìbéèrè mẹ́ta yẹn kọ, ẹ yí wọn sí iṣẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ tó rántí oníbàárà tó pè yín lọ́sẹ̀ yìí tó sọ ohun kan pàtó. Ẹni yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sí. Tó bá dáhùn, ẹ wá sọ èwo nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jù. Èmi ṣì ń fi owó mi sórí ìbéèrè kìíní.